Ìkíni Tó Yẹ Alága

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Lẹ́tà ní ọ́fíìsì ilé ìwòsàn náà. Tábìlì kan. Kọ̀ǹpútà kan. Fèrèsé tó kọjú sí ọgbà. Ọ̀gá tuntun sì ti ní òun máa gbé e lọ sí yàrá fáìlì tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ìmeèlì kò nílò akọ̀wé. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ ìmeèlì sí alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, ó fi tọrọ jẹnẹrétọ̀ fún yàrá ìgbẹ̀bí. Kó tó fi ránṣẹ́, ó ní kí Ìyá Lẹ́tà wá bá òun wo àṣìṣe inú rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: "Gíga, báwo ni?" Bó ṣe parí rèé: "Ó dàbọ̀, èèyàn mi."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Gíga?"

"Alága ni. Bẹ́ńṣì kan náà la jókòó sí nílé ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà lòun ṣe máa ń kọ̀wé sí mi."

"Mo gbọ́, sà. Àwọn wo lẹ fẹ́ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí?"

Orúkọ méje ló tò sójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìgbìmọ̀ pátá. Títí kan dókítà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì.

"Nínú àwọn méje yìí, ta lẹ tún jọ jókòó sí bẹ́ńṣì?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Lẹ́tà, ẹnu yín mú o."

"Alága ò ní bínú, sà. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tó kù, ẹ ti sọ ọ́ dọmọdé. Tó bá sì gbà fún yín, wọ́n á ní torí ọ̀rẹ́ ni."

Ọ̀gá dìde lórí àga. "Ẹ jókòó."

Ìyá Lẹ́tà jókòó, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò kánjú. "Alága wa ọ̀wọ́n, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀."

"Ṣé ká fi 'ọlọ́lá jùlọ' kún un?"

"Rárá o, sà. Wọ́n á rò pé ẹ̀ ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ó parí rẹ̀: "Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀." Orúkọ ọ̀gá ní kíkún, ipò rẹ̀ lábẹ́ orúkọ. Ó wá ṣí òmíràn, ti alága nìkan, láìsí ẹ̀dà: "Gíga, báwo ni? Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Bá mi fojú sí i. Èmi ọ̀rẹ́ ẹ."

Kò tíì tó aago méjì tí dókítà àgbà fi dáhùn. Ó ní òun fara mọ́ ọn, ó sì dúpẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Alága náà dáhùn lójú gbogbo ìgbìmọ̀: wọ́n á jíròrò rẹ̀ lọ́la. Ó tún fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá níkọ̀kọ̀. Ọ̀gá kà á sókè: "Ta ló bá ẹ kọ èyí àkọ́kọ́? Ìwọ kọ́. Mo mọ̀ ẹ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ gbàgbé yàrá fáìlì, Ìyá Lẹ́tà. Àwọn akọ̀wé ìsàlẹ̀ mẹ́ta ló máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín."

Ìyá Lẹ́tà na ọrùn, ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

"Kò burú, sà. Kí wọ́n mú ìwé àti bírò dání. Kí wọ́n sì kí mi dáadáa tí wọ́n bá wọlé, torí ibẹ̀ gan-an la ti máa bẹ̀rẹ̀."