Táìmù-tébù Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ

Nígbà tí ìyàwó mi mú rúlà láti fa ìlà táìmù-tébù yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rù bà mí.

Télọ̀ ni mí. Pálọ̀ wa náà ni ṣọ́ọ̀bù mi. Máṣíìnì wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ wà láàárín, ìdajì tábìlì ọ̀hún sì ti di ti ìyàwó mi láti ọdún márùn-ún tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ni. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń wẹ aláìsàn, tó ń bá wọn yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ilé ìwòsàn ló fi í sí kíláàsì àwọn tó ń fi iṣẹ́ kàwé. Ó ti ṣe ìdánwò àṣejáde lẹ́ẹ̀mejì, kò yege. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ó ra páálí funfun ńlá mélòó kan àti bírò aláwọ̀ mẹ́rin. Ó mú ìwé tí ẹnì kan ní kíláàsì kọ fún un, níbi tí wọ́n to orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ sí, méjìlélọ́gbọ̀n lápapọ̀. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pín in: mẹ́rin-mẹ́rin lọ́sẹ̀, kò ṣẹ́ kù, kò lé. Ló bá kó o sínú àpótí àpótí. Bírò yẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́, ló fà á ya, ló bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ní ìlà rẹ̀ wọ́. Títí ọ̀sẹ̀ kan fi lọ, kò ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ìlà ló ń fà.

Nígbà tó wá lẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta mọ́ ògiri, ó dára lóòótọ́. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n rán fún ọmọlangidi: ó dùn-ún wò, kò sí ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Ọmọ wa obìnrin, tá à ń pè ní Lọ́yà torí pé kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹlòmíì, dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé lọ́rùn.

Ó ní, "Màmá, àwọn ìṣirò oògùn yìí, ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ kó gbogbo wọn sí."

Ìyá rẹ̀ ní, "Kó lè ṣì wà lórí mi lọ́jọ́ ìdánwò ni."

"Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e gan-an ni ìdánwò. Bí kò bá wá yé yín ńkọ́?"

"Lọ́yà, ṣé ìwọ lo máa ṣe ìdánwò ni àbí èmi?"

Ọmọ náà bọ́ sí yàrá. Mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìyàwó mi ń kó bírò rẹ̀ jọ.

Mo bi í pé, "Ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn dà, sílábọ́ọ̀sì tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Ó ti sọnù, Bàbá Lọ́yà."

Ìyàwó mi kì í sọ nǹkan nù. Abẹ́rẹ́ tí mo bá jù sílẹ̀, òun ló máa ń bá mi rí i. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo rí ìwé náà. Ìyàwó mi ò tíì ti ibi iṣẹ́ àárọ̀ dé, mo ní kí n bá a rán ẹnu àpò ìrọ̀rí rẹ̀ tó ti ya. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ mi kan ìwé. Sílábọ́ọ̀sì ni. Orí rẹ̀ ló ń sùn láti ọjọ́ yìí.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kà á díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pín ìdánwò náà sí apá mẹ́rin. Apá Kìíní, ẹ̀yà ara èèyàn, ogún máàkì. Apá Kejì, ìtọ́jú aláìsàn, márùndínlógójì. Apá Kẹta, oògùn àti ìṣirò rẹ̀, ọgbọ̀n. Apá Kẹrin, ìmọ́tótó àti òfin iṣẹ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi bírò fa ìlà sí ìdí gbólóhùn méjì. Àkọ́kọ́ ní ẹni tí kò bá gba ìdajì máàkì Apá Kẹta ti fìdí rẹmi, iye yòówù kó gbà níbi tó kù. Èkejì ní ìgbà mẹ́ta péré ni èèyàn lè jókòó ṣe ìdánwò yìí, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀.

Èsì ìdánwò rẹ̀ méjèèjì wà láàárín ìwé náà. Nínú ti àkọ́kọ́, Apá Kẹta: mẹ́rìnlá nínú ọgbọ̀n. Èkejì: mọ́kànlá.

Kò sọ fún mi rí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún òun. Èmi rò pé bí kò bá bọ́ sí i lọ́dún yìí, á bọ́ sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Mo wo táìmù-tébù tó wà lára ògiri. Apá Kìíní, ogún máàkì péré, ní orí ọ̀rọ̀ méjìlá, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Apá Kẹta tó lè lé e jáde, orí ọ̀rọ̀ márùn-ún ló ní, ó sì há wọn mọ́ ìparí ọ̀sẹ̀ keje àti ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òru ló máa ṣe lọ́sẹ̀ keje. Inú orúkọ tí wọ́n tò fún un nìkan ló ti ṣe é. Kò jẹ́ kí ojú òun kan sílábọ́ọ̀sì.

Nígbà tó dé, mo gbé ìwé náà lé orí tábìlì. Ó rí i, ó sì jókòó wọ̀ọ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́rùn.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi pa á mọ́ fún mi?"

Ó ní, "Bàbá Lọ́yà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ó sọ ọ́ fún mi. Ọdún kejì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, wọ́n fi í síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé. Ìkókó kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà, oògùn ibà olómi ni dókítà kọ fún un. Ìyàwó mi ṣe ìṣirò, ó fi pọ́íǹtì désímà síbi tí kò yẹ. Dípò mìlílítà méjì ààbọ̀, ó bu márùndínlọ́gbọ̀n sínú ife. Ó ti gbé ife náà dé ẹnu ọmọ nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà gbá a lọ́wọ́, tí oògùn dà sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ó kàn ní kí n nu ilẹ̀. Ìyá ọmọ wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun nu ilẹ̀." Ó bú sẹ́kún. "Bí mo bá ti rí ìṣirò oògùn báyìí, ife yẹn ni mò ń rí. Mi ò lè kà á. Bí mo bá ṣí i, àyà mi á máa já."

Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n nǹkan wà. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ń ro ọmọ yẹn, mo tún ń ro ọdún mọ́kànlá.

Ohun tí mo mọ̀ kò ju iṣẹ́ mi lọ. Mo ní, "Èmi kì í gé aṣọ kí n tó wọn èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní torí pé apá wà, itan wà, kí n gé iye kan náà fún gbogbo rẹ̀. Gbé páálí yẹn wá."

Ẹ̀yìn rẹ̀ la lò. Lọ́yà wá jókòó tì wá, ó ń ka orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan látinú ìwé tí wọ́n tò, ìyá rẹ̀ ń wá apá tó bọ́ sí nínú sílábọ́ọ̀sì, èmi ń fi ṣọ́ọ̀kì búlúù tí mo fi ń sàmì sí aṣọ kọ máàkì apá náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Báyìí la rí i pé orí ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà nínú sílábọ́ọ̀sì tí ẹni tó kọ ìwé yẹn fún un gbàgbé, ti dídín omi dírípù tó ń kán wọ ara aláìsàn kù tàbí fífi kún un. Apá Kẹta ni. Màmá Lọ́yà pa ojú dé.

A kọ́kọ́ sàmì sí ọ̀sẹ̀ tó máa ṣe iṣẹ́ òru, ìkẹta àti ìkeje, a dín ìwé kíkà inú wọn kù sí ìdajì. Ìṣirò oògùn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú ogójì lójoojúmọ́, kí ara tó rẹ̀ ẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ìṣirò mẹ́wàá pọ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá ń kà. Ìtọ́jú aláìsàn gba àyè tó pọ̀, ẹ̀yà ara gba díẹ̀. Lọ́yà ní kí gbogbo ọjọ́ Ẹtì ṣófo, fún ohun tó bá ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ó ní kí ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ti àtúnkà ọ̀sẹ̀ náà àti ti ìṣáájú. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ìbéèrè àtijọ́ nìkan, pẹ̀lú aago lórí tábìlì. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdánwò, mo ní kó wà lófìfo. Kó sinmi.

Ọ̀sẹ̀ kìíní burú. Nínú ìṣirò mẹ́wàá, méjì ló rí gbà. Lọ́jọ́ kẹta, ó dìde nídìí tábìlì, ó lọ bì. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ látìdí máṣíìnì, mo rò pé èmi ni mo fi agídí tì í sínú iná. Ó padà wá, ó nu ẹnu, ó jókòó. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gba mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ibi iṣẹ́ ò jẹ́ kó tètè wálé lọ́jọ́ méjì, gbogbo ètò dojú rú, ó ti ń wá bírò láti fa ìlà tuntun. Lọ́yà gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọjọ́ Ẹtì hàn án. Ọjọ́ yẹn ló fi ka èyí tó ṣẹ́ kù. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, ó gba mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ. Láàárọ̀ ìdánwò, mo sìn ín dé ẹnu géètì, mi ò lè kúrò níbẹ̀ títí ó fi jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi dúró de èsì. Ó yege. Apá Kẹta: méjìlélógún nínú ọgbọ̀n. Lọ́yà pariwo débi pé aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú.

Èmi ni mo yọ páálí náà lára ògiri. Nígbà náà ni mo rí i pé ọjọ́ Àìkú tí mo ní kó ṣófo kò ṣófo. Ó ti kọ nǹkan sínú rẹ̀, wẹ́wẹ́, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù:

"Bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Kílò mẹ́rin. Mílígíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún kílò kan, ó jẹ́ ọgọ́ta. Ọgọ́fà ló wà nínú mìlílítà márùn-ún. Méjì ààbọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìṣirò náà, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà á.