Ẹ̀yìn Fọ́ọ̀mù Màmá

Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kò sẹ́ni tí kò rí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ò dúró tó ìdajì wákàtí, ìṣẹ́jú márùn-ún sì ni mo fi yanjú ẹ̀ nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé e. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti sọ ọ́ tán, ara mi kì í balẹ̀, torí mo mọ ohun tí mo yọ kúrò nínú ìtàn náà.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Iṣẹ́ yòówù tó bá wọlé, ì báà jẹ́ ìwé ìsìnkú, ì báà jẹ́ ìwé ilé ẹ̀kọ́, orí kọ̀ǹpútà la ti ń tọpa ẹ̀. Ẹnì kan á gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, ẹnì kan á tò ó, ẹnì kan á ka púrúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí a fi ń wá àṣìṣe, kó tó dé yàrá pléètì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe páànù pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé. Tí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí púrúùfù lórí kọ̀ǹpútà, pléètì ò lè jáde.

Àwọn tó ṣáájú mi ti fi àṣẹ, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbà kí kálukú ṣe, ṣeré níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lè ṣe báyìí," wọ́n á so àṣẹ náà mọ́ orúkọ ẹ̀, wọn ò ní tú u mọ́ láéláé. Dírẹ́bà wa lè pa iṣẹ́ oníbàárà rẹ́, torí pé ó ti jókòó dípò ọmọbìnrin tó ń gbaṣẹ́ níwájú fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà kan rí. Lọ́jọ́ kan, ó pa á rẹ́ lóòótọ́. Ó ní àdírẹ́sì lòun ń wá. Màdáámú, tó ni ilé iṣẹ́ náà, pariwo títí ohùn ẹ̀ fi há. Ló bá pè mí.

"Bá mi tú gbogbo jágbajàgba yìí. Kí kálukú ní àṣẹ ohun tó kàn án. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, tí ẹnì kan ò bá rí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe ní Mọ́ńdè, èmi pẹ̀lú ẹ ni."

Mọ́ńdè ló le jù fún wa. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn bá jókòó pinnu láàárín Sátidé sí Sọ́ńdè, àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n ń gbé e wá, oníkálukú á sì ní tòun ló yá jù.

Mo mọ iṣẹ́ mi, ẹ má bá mi jiyàn. Mo kọ́kọ́ da gbogbo àṣẹ àtijọ́ sínú fáìlì kan, kí n lè dá a padà tó bá bàjẹ́. Mo dá ipò mẹ́fà sílẹ̀: ipò agbaṣẹ́, ipò ẹni tó ń tòwé, ipò ẹni tó ń ka púrúùfù, ipò oní-pléètì, ipò oníẹ̀rọ, àti ipò ọ̀gá. Mo so ipò mọ́ kálukú láì tíì yọ àṣẹ àtijọ́, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Mo wá yẹ àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta wò, láti rí ohun tí kálukú ń ṣe lóòótọ́ tí ipò ẹ̀ tuntun ò ní jẹ́ kó ṣe. Mo tún pín fọ́ọ̀mù fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n kọ iṣẹ́ òòjọ́ wọn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àṣẹ àtijọ́, ipò kan lẹ́yìn ìkejì, ó sì ní òfin tí mo fún ara mi: mi ò gbọ́dọ̀ yọ ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Wẹ́sìdeè, kí a lè fi ọjọ́ tí èrò ò pọ̀ wò ó kí Mọ́ńdè tó dé.

Gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. Ó wá ku orúkọ kan ṣoṣo tó ń hàn ní pupa lójú kọ̀ǹpútà mi, pé ipò ẹ̀ ò bá ohun tó ń ṣe mu: Bàbá oní-pléètì.

Ará Ìsẹ́yìn ni Bàbá, mùsùlùmí tó ti hewú, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé òun ló ń fọwọ́ sí púrúùfù, lójoojúmọ́, pẹ̀lú àṣẹ tí wọ́n ti so mọ́ orúkọ ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ìyẹn ò bójú mu rárá. Ẹni tó ń ṣe pléètì kọ́ ló yẹ kó fọwọ́ sí púrúùfù. Ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kó rí iṣẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ yẹn tọ́ sí ni Màmá, tíṣà àtijọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń ka púrúùfù níbẹ̀ fún ogún ọdún. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, pẹ̀lú awò fífẹ̀ kan tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, tó ń gbé lé orí ìwé, tí yóò máa kọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi lábẹ́ imú. Orúkọ Màmá wà lórí kọ̀ǹpútà, àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí ẹyọ púrúùfù kan láàárín oṣù mẹ́ta náà. Ẹyọ kan! Mo rí i, mo sì sọ lọ́kàn mi pé Màmá ti di ọ̀lẹ, Bàbá sì ti di olójúkòkòrò àṣẹ.

Ká ní mo ní làákàyè ni, ǹ bá bi ara mi pé kí ló dé tí àgbàlagbà méjì fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá nìkan ni kò dá fọ́ọ̀mù padà. Nígbà tí mo lọ bá a, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Fọ́ọ̀mù tí Màmá kọ ti tó fún àwa méjèèjì. Wá síbí, jẹ́ n bá ẹ sọ̀rọ̀ kan."

"Bàbá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó mi."

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọ́ràn. Ọmọ tó mọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun."

Iwájú àwọn oníẹ̀rọ ló ti sọ ọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, orí mi gbóná. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ibẹ̀: ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ẹ̀rín yẹn, kì í ṣe ojú méjì tó yẹ kó rí iṣẹ́. Ọjọ́ Fúráídeè ni. Nígbà tí a fẹ́ pa ilé iṣẹ́ dé, mo jókòó, mo yọ àṣẹ Bàbá kúrò, mo sì ní lọ́kàn mi pé Mọ́ńdè á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Mo da òfin tèmi nù bí ẹni da omi ìfọwọ́.

Mọ́ńdè dé. Èrò kún iwájú dẹ́múdẹ́mú. Ọkùnrin kan láti Obanikoro dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ìwé ìsìnkú ìyá ẹ̀ ló ń dúró dè, ọjọ́ kejì ni ìsìnkú. Màmá ti ka púrúùfù ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti fi pẹ́ńsù tún ibi méjì ṣe, wọ́n ti tò ó padà. Bàbá tẹ bọ́tìnnì ìfọwọ́sí bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kò láṣẹ. Ó tún un tẹ̀. Bákan náà.

Ó jáde wá bá mi níwájú gbogbo èèyàn. Kò pariwo. "Ọmọ mi, ó ti kọ̀ o."

Mo sì sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó rẹ́rìn-ín lè gbọ́: "Bàbá, kò kọ̀ rárá. Iṣẹ́ Màmá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Màmá wá tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn."

Ojú Bàbá yí padà. Ó ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n Màdáámú ti gbọ́ láti yàrá ẹ̀, ó ti jáde.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ fún wọn, oníbàárà ń dúró."

Màmá dìde. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi. Mo ti kọ páswọ́ọ̀dù ẹ̀ sórí bébà, àmọ́ ìka ẹ̀ ń rìn kiri lórí lẹ́tà, kò rí ọ̀kan mú. Mo bá a tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú òṣé. Púrúùfù yọ, bọ́tìnnì méjì wà lábẹ́ ẹ̀: ọ̀kan láti fọwọ́ sí i, ọ̀kan láti dá a padà. Màmá súnmọ́ ọn títí imú ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó tẹ ọ̀kan. Iṣẹ́ náà padà sọ́dọ̀ àwọn tó tò ó. Ọkùnrin Obanikoro pariwo, "Ẹ gbà mí o!"

Màdáámú tẹ̀ síwájú. "Màmá, kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn?"

Màmá yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó wá ní, "Funfun ni, ọmọ mi. Gbogbo ẹ̀ ló funfun."

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Nǹkan funfun ti ń bo ojú Màmá díẹ̀díẹ̀. Lórí bébà, nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, pẹ̀lú awò ẹ̀, ó ṣì ń rí gbogbo kọ́mà. Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà ni kò gbà. Bàbá ló ń bá a tẹ bọ́tìnnì, ó sì ń wo lórí kọ̀ǹpútà bóyá gbogbo ohun tí Màmá fi pẹ́ńsù sí wà níbẹ̀. Ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń rí iṣẹ́ náà láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mi ò ríran.

Mo ṣí fáìlì àtijọ́, mo dá àṣẹ Bàbá padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Pléètì jáde, ẹ̀rọ ń ké, ọkùnrin Obanikoro gba ìwé ẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni mo lè dá padà. Mi ò lè dá ohun tí Màdáámú rí padà.

Màdáámú kì í ṣe ìkà. Ó ní òun á sanwó dókítà ojú. Ṣùgbọ́n ó ní akàwé tí ojú ń dùn ún kò lè máa wà nídìí ìwé àwọn oníbàárà mọ́, kí Màmá lọ sinmi. Màmá gbé báàgì ẹ̀, ó gbé awò ẹ̀, ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí èmi náà. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní Tọ́sìdeè, mo ń kó fọ́ọ̀mù jọ láti fi wọ́n pamọ́. Ti Màmá bọ́ sílẹ̀, ó yí padà. Iwájú ẹ̀ ni mo ti kà: "Mo ń ka púrúùfù." Mo ti fi ìlà sí i pé ó ti tán. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mi ò wò. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, gàdàgbà-gàdàgbà, gbogbo àmì ohùn pé síbẹ̀: "Ọmọ mi, ojú mi ò gba kọ̀ǹpútà mọ́. Bàbá ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Jọ̀wọ́ má yọ àṣẹ wọn, má sì jẹ́ kí Màdáámú mọ̀. Iṣẹ́ yìí nìkan ló kù tí mo fi ń jáde nílé."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú tì mí, bí kò tiẹ̀ sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ní Sátidé, mo wá ilé Màmá lọ ní Bariga. Ó wà ní kọ́rídọ̀ níta yàrá ẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dá ohùn mi mọ̀ kó tó rí mi.

"Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé Bàbá ti ń rí i tẹ̀?"

"Wọ́n ti ń rí i tẹ̀, Màmá."

"Ó dáa." Ó yíjú sọ́dọ̀ mi. "Ǹjẹ́ o rí ohun tí mo kọ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù?"

Mo ti to irọ́ sílẹ̀ láti ilé. Kò jáde. "Iwájú nìkan ni mo kà, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tíṣà tí ọmọ ti já kulẹ̀. "Ogún ọdún ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀," ó ní, "pé kẹ́ ẹ máa yí ìwé wò."