Òpó Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n Nínú Àwòrán Kan

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kogí ṣì jẹ́ tuntun, tí a kò tíì mọ ìwé tó yẹ kó lọ sí Lọ́kọ́jà àti èyí tó yẹ kó dúró ní Kàbbà, èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan. Iṣẹ́ náà kò wù mí. Wọ́n gbé e fún mi nítorí wọ́n ní mo máa ń ka gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ka èsì ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, àṣìṣe sì kọjá lójú mi lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Burọ́díṣíìtì ni a ń pe ìwé fífẹ̀ tí a ń kọ máàkì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí: orúkọ lápá òsì, òpó kan fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ ní ìparí ìlà. Láti ayé ìjọba Àríwá ni a ti ń fi ọwọ́ kọ ọ́. A ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, a ó fa rúlà sí i, ẹni tí ojú-lílẹ̀ ìwé rẹ̀ kò bá hàn ni a ń yìn. Wọ́n ti yìn mí rí. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wá láti Ìyàrá, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ kó lè wá kàwé sí i. Orúkọ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé ọwọ́ mi. Mo da ìlà kan kọ láti inú fáìlì ọdún tó kọjá, mo sì tẹ máàkì tirẹ̀ sí i. Fọ́múlà inú ìlà náà, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń ro máàkì pọ̀, parí sí òpó AA (lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà fi ń pe òpó), nítorí ibẹ̀ ni máàkì parí sí lọ́dún tó kọjá náà. Ṣùgbọ́n a ti fi òpó kan kún un, AB, fún iṣẹ́ ìkọ́ni ní kíláàsì. Méjìdínláàádọ́rin ni obìnrin náà gbà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbà jù ú lọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò kà á mọ́ ọn. Wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri pé kò yege.

Ó bá mi ní ọ́fíìsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sì kí mi bí àwọn ará Ìyàrá ṣe ń kíni.

“Okun o, bàbá. Ṣé kí n lọ sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé mo fìdí rẹmi?”

Mo ti rí àṣìṣe náà nígbà yẹn. Mo ní, “Kì í ṣe ìwọ lo fìdí rẹmi. Èmi ni.”

“Ẹ̀yin lẹ fìdí rẹmi, orúkọ tèmi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.”



Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí tiwa wà lábẹ́ rẹ̀ ti gba èsì lọ sí Lọ́kọ́jà. Wọ́n ní àwọn kò ní yí ohunkóhun padà, àfi bí wọ́n bá rí orúkọ, gbogbo máàkì, àròpọ̀ àti fọ́múlà rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú fáìlì, kí ìpàdé ọjọ́ Tọ́sìdeè tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé náà, ó di ọdún mìíràn, àyè tí wọ́n fún un lẹ́nu iṣẹ́ yóò sì ti tán. Bí a bá tẹ ìwé náà jáde lásán, nọ́ńbà nìkan ni yóò hàn. Fọ́múlà kì í bá a jáde. Ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ yà: bọ́tìnì kan wà tí a ń tẹ̀, tí yóò sọ ohun tó wà lójú rẹ̀ di àwòrán.

Ojú kọ̀ǹpútà wa kò gbà ju òpó mẹ́sàn-án lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo yà á ní abala mẹ́rin, mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo sì gbé gọ́ọ̀mù. Obìnrin Mọ́pà tó jẹ́ atẹ̀wé wa, tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, wò mí láti ẹ̀yìn awò rẹ̀.

“Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà dé, ẹ ò tíì ju gọ́ọ̀mù sílẹ̀.”

“Yóò dára. Wò ó, ojú-lílẹ̀ rẹ̀ kò hàn.”

“Mo rí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.”

Dírẹ́bà ilé-ẹ̀kọ́ wa gbé e lọ sí Lọ́kọ́jà ní Túsìdeè, ó sì gbé e padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú báírò pupa lórí rẹ̀: ìwé tí a lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, orúkọ wà ní abala kìíní nìkan, ta ló mọ ẹni tó ni ìlà tó wà ní abala kejì? Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń yìn mí ti di iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe màgòmágó.

Ní Wẹ́síìdeè, iná kò sí. Atẹ̀wé tan jẹnẹrétọ̀, ó ní epo inú rẹ̀ kò ní kọjá ọ̀sán. Mo fa súùmù, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń tóbi tó lójú ẹ̀rọ, sílẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin títí gbogbo òpó fi wọlé sójú kan, mo yà á, mo wá na àwòrán náà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó jáde dà bí ìwé tí òjò pa. Ẹ̀jọ kò yàtọ̀ sí ẹ̀ta mọ́. Mo nà án lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo ṣe ń nà án tó ni ó ń bàjẹ́ tó.

Olùkọ́ náà ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀. Nígbà tó yá ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá fẹ́ ya máàpù sí bọ́ọ̀dù, bí bọ́ọ̀dù ṣe fẹ̀ tó ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kí n tó mọ bí lẹ́tà á ṣe tóbi tó. Ẹ̀yin yà á tán kí ẹ tó máa wá àyè fún un.”

Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín sínú. “Ẹ gbọ́, ọ̀gá. Tíṣà ọmọ kékeré ló ń kọ́ yín yẹn.”

Mo gbọ́. Mo pa gbogbo àwòrán náà rẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ tún ṣe: mo gbé iye àmì tín-ín-tín tí àwòrán ojú rẹ̀ gbà ní ìbú láti 640 sí 800, ẹ̀rọ náà kú, ó sì tún tàn, gbogbo nǹkan kéré sí i, àyè sì pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà mo fún òpó máàkì kọ̀ọ̀kan kó má fẹ̀ ju nọ́ńbà méjì lọ. Èyí tí mo fún jù pa nọ́ńbà rẹ̀ dà sí àmì ##, mo sì dẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀. Atẹ̀wé ní kí n fi àwọn òpó tí kò kàn wá pamọ́. Mo kọ̀, ẹni tó ti fura sí gọ́ọ̀mù yóò fura sí òpó tó sọnù. Mo fa súùmù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì dúró ní márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, níbi tí òpó tó kẹ́yìn ti wọlé tí ojú sì ṣì lè kà á. Mo tẹ àpótí kékeré tí àròpọ̀ rẹ̀ wà kí fọ́múlà rẹ̀ hàn lókè, níbi tí súùmù kì í ti í sọ lẹ́tà di kékeré. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo tó ya àwòrán, ẹ̀ẹ̀kan péré. A dá ìwé dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì ń ké bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Olùkọ́ náà fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti orúkọ lọ. Ó kà á títí dé AB, ó wá gbójú sókè wo fọ́múlà tó parí sí AA.

“Ibí ni mo ti já bọ́,” ó ní.

Epo tán kí a tó tẹ ẹ̀dà kejì.

Nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, dírẹ́bà tó gbé àwòrán náà lọ láàárọ̀ dé pẹ̀lú lẹ́tà pé wọ́n gbà á, obìnrin náà yege. Mo fi báírò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ orúkọ àwọn tó yege nínú ìwé tó wà lára ògiri, nítorí kò sí epo láti tẹ òmíràn. Ó dúpẹ́, kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ Ìyàrá ń dúró. Ó bèèrè bóyá mo ṣì nílò ìwé tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Mo ní rárá. Ó ká a, ó ní ó fẹ̀ tó láti fi bo ìwé tó ń kọ iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ sí, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì dáa.

Nígbà tí iná padà dé, mo tan kọ̀ǹpútà. N kò dá ojú rẹ̀ padà sí 640.