Ojú Ìkànnì Tí Mo Ṣe fún Ìyàwó Mi

Èmi ni mo ṣe é. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Olùkọ́ ni àwa méjèèjì ní Iléṣà. Iṣẹ́ ìránṣọ ni òun ń kọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, orúnkún kò jẹ́ kó lè dúró ti ọmọ iṣẹ́ mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya fídíò bí a ṣe ń gé aṣọ ọmọdé àti bí a ṣe ń rán an. A ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oṣù méjì kọjá, kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun nípa aṣọ.

Ó ní, "Dádì, tí ẹnì kan ṣoṣo kò bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ aṣọ kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó gba ọlidé, mo máa kó máṣíìnì mi fún ọmọ wa, ó parí."

Kò ṣàwàdà. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ṣètò ojú ìkànnì náà. Mo pè é ní "Oore-Ọ̀fẹ́ TV". Àwòrán tí a yà lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni mo lò: léèsì funfun, gèlè ńlá, ọwọ́ lórí ọwọ́. Mo tún fi í sí bánà, ìyẹn àwòrán gbọọrọ tó wà lókè ojú ewé, mo to òdòdó yí i ká, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A dúpẹ́ fún ìgbé ayé ìyá rere." Ní ti àpèjúwe, bí àròkọ ni mo ṣe kọ ọ́. Ìpínrọ̀ kẹrin ni mo tó dárúkọ aṣọ. Mo fún ara mi ní máàkì tó pọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú wa, a lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí ìyàwó mi kọ́ nígbà kan rí. Ó ń ya káàdì àti pátákó ìpolówó nítòsí Old Garage. Ó wo ojú ìkànnì náà, ó wò mí. Ó na fóònù sí oníbàárà kan tó ń dúró de káàdì ìgbéyàwó.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rò pé wọ́n ń ṣe níbí?"

Ojú obìnrin náà rọ̀. "Háà! Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ọmọ ọdún mélòó ni Mọ́mì kí wọ́n tó lọ?"

"N kò tíì lọ o," ni ìyàwó mi dáhùn láti orí àga.

Díẹ̀ ló kù kí fóònù bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ dojú bo tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi yíjú sí mi: "Dádì, ìgbà wo lẹ fẹ́ sin mí? Ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀, kí n rán aṣọ."

Ó wá yé mi ìdí tí àwọn èèyàn fi ń kọ "Àmín" sábẹ́ fídíò apá aṣọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, "Sà, ojú ẹni tí kò mọ̀ wá rí ni kí ẹ fi wò ó. Orúkọ ni kó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́. Ẹ rò ó dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn yí orúkọ padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá."

A fẹnu kò sí "Rán Aṣọ Ọmọ Rẹ". Ó ya ìyàwó mi lọ́tun, ojú rẹ̀ nìkan, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó gé e róbótó, ó sì sọ ọ́ di kékeré bíi bọ́tìnì kí a lè rí i bí yóò ti rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò. Téèpù náà ṣì hàn. Aṣọ ọmọ kan tó tẹ́ sórí tábìlì ló fi ṣe bánà. Mo ní kó kọ̀wé sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi hàn mí lórí fóònù pé ẹ̀gbẹ́ máa ń gé kúrò, àárín nìkan ló ń kù. Mo dá a lábàá pé ká kọ ọ́ pé fídíò tuntun á máa jáde ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdé àti Fúráìdè.

"Ta ló fẹ́ ṣe é?" ni ìyàwó mi bi mí. "Sátidé nìkan. Ohun tí mo bá ṣèlérí ni mo máa ṣe."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú àpèjúwe wá di: "Mo ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń gé aṣọ ọmọdé àti bí a ṣe ń rán an, ní gbogbo Sátidé." Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń hàn, àyàfi téèyàn bá tẹ̀ ẹ́.

"Ìkíni ńkọ́?" ni mo béèrè.

"Sà, Mọ́mì á kí wọn nínú fídíò."

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí àwọn ọmọ ilé ìwé gba ọlidé nígbà tí mo gbọ́ tí ìyàwó mi pariwo ní pálọ̀. Ìyá ọmọ kan láti Ifẹ̀wàrà ló kọ̀wé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo rán aṣọ fún ọmọ mi, ọrùn rẹ̀ kò gba orí wọlé. Níbo ni mo ti ṣì í?"

Mo ní kó rọra jẹun tán ná. Ó ti ń tẹ èsì pé, "Ẹ wọn orí ọmọ náà yí po, kì í ṣe ọrùn rẹ̀ nìkan," ó sì ń fi ọwọ́ kejì wá sísọ́ọ̀sì rẹ̀.