Fáìlì Keje àti Tẹlifóònù Màmá

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, tí ọdún náíńtíìsì ń lọ sópin, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ní íntánẹ́ẹ̀tì nítòsí wa. Inú ọ́fíìsì kékeré kan tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà ní Lafiaji ló wà, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Màmá tó ni ilé náà ló ni ọ́fíìsì. Opó ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin yẹn ló fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú módẹ́ẹ̀mù, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tí a fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ okùn tẹlifóònù kó tó lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìta Fájì ni ilé tiwa, inú àgbàlá ńlá tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀. Bí mo bá ti dé láti yunifásítì, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Lafiaji lọ bá Màmá tẹ lẹ́tà àwọn oníbàárà rẹ̀. Nítorí ìyẹn ló ṣe gbà mí láyè láti lo íntánẹ́ẹ̀tì lóru, nígbà tí láìnì tẹlifóònù máa ń mọ́ dáadáa. Lọ́sàn-án, láìnì yẹn kì í ṣe nǹkan téèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ariwo inú rẹ̀ pọ̀ débi pé módẹ́ẹ̀mù á kàn máa ké, á máa ké, kò ní gbà.

Ìdánwò físíìsì ló mú mi dé ibi tí mo ń sọ yìí. Ìwé tí wọ́n ní ká kà, ẹ̀dà kan ló wà ní láíbùrárì, ẹnì kan sì ti ya ojú ewé tó ṣe kókó lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì ló sọ fún mi pé olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà ti kó gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Orí mẹ́jọ ni, orí kọ̀ọ̀kan sì ní fáìlì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì ńlá kan wà tí ó di gbogbo wọn pọ̀ sójú kan.

Ọ̀kánjúwà mú mi. Fáìlì ńlá ni mo lọ mú.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo ní "Bísímílà," mo sì tẹ bọ́tìnnì. Ohun tó yẹ kó gba wákàtí méjì ni. Mo jókòó, mo ń wo bí nọ́ńbà ṣe ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Nígbà tó kọjá ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, inú mi ti ń dùn, ni iná bá lọ.

Kọ̀ǹpútà ò kú o. Ó ní àpótí bátìrì tí à ń pè ní UPS, tó ń gbé e dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí iná bá lọ. Àṣìṣe tèmi ni pé ara ògiri ni mo ki wáyà módẹ́ẹ̀mù bọ̀. Bí iná ṣe lọ, módẹ́ẹ̀mù kú, láìnì já, fáìlì sì dúró. Nígbà tí iná dé lówùúrọ̀ tí mo tún pè é, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Màmá sọ̀kalẹ̀ wá, ó rí ojú mi. "Ta ló kú?"

"Ẹ má dá mi lóhùn, Màmá. Fáìlì mi ló kú."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn kì í ṣe òkú tí a ń sin. Lọ bọ́jú rẹ, kó o wá jẹ ẹ̀kọ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní CMS, níbi tí a ti máa ń pàdé wọ bọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín mi títí, lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi ní nǹkan mẹ́ta. Ó ní kí n ki wáyà módẹ́ẹ̀mù bọ UPS pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, nítorí pé tẹlifóònù fúnra rẹ̀ kì í bá iná ilé kú. Láti ibi iṣẹ́ tẹlifóònù ni iná tó ń lò ti ń wá. Ó ní bí iná bá lọ, kí n tètè pa ojú kọ̀ǹpútà nìkan, gíláàsì tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n yẹn, torí òun ló ń jẹ bátìrì jù. Kọ̀ǹpútà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí mi ò tilẹ̀ rí i. Ìkẹta, ó fún mi ní díìskì kan tí ètò kan wà lórí rẹ̀. Ètò náà á jẹ́ kí n to àwọn fáìlì tẹ̀ léra bí èèyàn tó tò síbi omi ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan bá parí, èkejì á bẹ̀rẹ̀. Bí láìnì bá já, ó máa ń pa èyí tó ti wọlé mọ́, kó lè tẹ̀ síwájú látibẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ló ń gbà fún un o," ó ní. "Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé àfi kó o bẹ̀rẹ̀ láti òdo."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

"Ọjọ́ tí láìnì bá já lo máa mọ̀."

Mo fi fáìlì ńlá sílẹ̀. Orí mẹ́jọ yẹn ni mo tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo gbà pé ìdánwò máa ti jáde jù ni mo fi síwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láàárín òru méjì, mo ti kó mẹ́fà, mo sì ti tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Ó ku keje, tó dá lórí ìgbì ìmọ́lẹ̀, èyí tí olùkọ́ wa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní kíláàsì. Ẹ̀kẹjọ kì í ṣe ti ọdún wa, mi ò sì kà á sí.

Òru kẹta bọ́ sí ìgbà tó ku ọjọ́ méjì kí a ṣe ìdánwò. Láìnì ò dára títí ó fi di nǹkan bí aago kan. Nígbà tí ó gbà níkẹyìn, fáìlì keje bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo ń ka ìwé lọ, mo ń wo nọ́ńbà lọ. Ó ti fẹ́ẹ̀ tó ìdá àádọ́rin nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Màmá ló yọ, pẹ̀lú gèlè alẹ́ lórí.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ rẹ ló wà lórí tẹlifóònù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Láti àárọ̀ ni ọmọ mi ti wà ní hósípítù. Ọkọ rẹ̀ ní òun á pè mí bí ó bá ti bí. Mo kàn ń gbàdúrà lókè, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé bí ó bá ń pè, kò lè wọlé."

Mo wo nọ́ńbà náà. Mi ò ní purọ́, ọkàn mi sọ fún mi pé ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, kí n bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mo tún wo ojú rẹ̀. Kò tilẹ̀ sọ fún mi kí n já a.

"Ẹ jókòó, Màmá," ni mo wí, mo sì já láìnì.

Ìdá mọ́kànléláàádọ́rin ló dúró lé. A jókòó, a ń wo tẹlifóònù bí ẹni ń wo ọbẹ̀ lórí iná. Màmá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ń ṣe àdúrà tèmi nínú ọkàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tíì pé nígbà tí agogo rẹ̀ dún. Màmá gbé e kí ó tó dún ẹ̀ẹ̀kejì.

"Hẹ́lò? Hẹ́lò! Ó ti bí? Kí ló bí?"

Ó pariwo kan tí mo mọ̀ pé gbogbo òpópónà gbọ́. Obìnrin ni, ìyá àti ọmọ sì wà lálàáfíà. Ó fò dìde, ó fi ọwọ́ kan gbá mi mọ́ra, ọwọ́ kejì wà lórí tẹlifóònù. Àárín ìdùnnú yẹn gan-an ni iná lọ.

Òkùnkùn bò wá. UPS bẹ̀rẹ̀ sí í dún, pí, pí, bí òròmọdìyẹ tó sọnù. Màmá ò tilẹ̀ mọ̀ pé iná ti lọ. Tẹlifóònù ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe wúwo tó, ojú ta ló gbé wá, ṣé irun wà lórí rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo pa ojú kọ̀ǹpútà. Mo ń ka pí, pí yẹn lọ́kàn, mi ò sì jẹ́ dá a lẹ́nu dúró láé. Ẹni tó ń gbọ́ pé òun ti di ìyá àgbà, ta ni mo jẹ́ tí màá fi ní kó tètè gbé e kalẹ̀?

Nígbà tó gbé e kalẹ̀, ó nu ojú. Ìgbà yẹn ló wá gbọ́ UPS. "Kí ló ń ké yẹn?"

"Bátìrì ni, Màmá. Ó fẹ́ẹ̀ tán."

"Kí lo wá ń wò? Tún un pè, jàre!"

Mo tan ojú kọ̀ǹpútà, mo tẹ bọ́tìnnì ìpè, módẹ́ẹ̀mù sì bẹ̀rẹ̀ igbe rẹ̀. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí fáìlì máa bọ̀, mo di ojú. Nígbà tí mo là á, nọ́ńbà tí mo rí kì í ṣe òdo. Mọ́kànléláàádọ́rin ni, lẹ́yìn náà méjìléláàádọ́rin. Mo pa ojú kọ̀ǹpútà padà kíákíá.

Àwa méjèèjì jókòó nínú òkùnkùn, à ń wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lára módẹ́ẹ̀mù. Màmá di ọwọ́ mi mú. "Bó bá ti ń ṣẹ́jú, ó ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀, Màmá."

Pí, pí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Nígbà tí iná pupa yẹn dáwọ́ dúró, mo tan ojú kọ̀ǹpútà: fáìlì ti wọlé tán. Mo kó o sórí díìskì méjì, nítorí díìskì ìgbà yẹn kò ṣeé fọkàn tán, mo sì pa kọ̀ǹpútà létòlétò kí bátìrì tó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Iná ò dé ní gbogbo ọjọ́ kejì. Mo gbé díìskì lọ sí ọ́fíìsì kan nítòsí CMS tó ní jẹnẹrétọ̀. Díìskì àkọ́kọ́ kọ̀, kò ṣí. Èkejì ṣí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ka orí keje lábẹ́ àtùpà ní àgbàlá wa títí oorun fi ń kùn wá, ìyá mi ń gbé tíì gbígbóná wá fún wa. Ní ọjọ́ ìdánwò, ìbéèrè méjì ló jáde láti inú rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kó má baà jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí. Àwa méjèèjì yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì tirẹ̀ ju tèmi lọ, tí kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ Màmá fi ímeèlì ránṣẹ́ pé òun ti kó fọ́tò méjìlá ti ọmọ tuntun náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Màmá sọ̀kalẹ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó tì mí, ó sì wo àwọn fáìlì tí mo ti tò sílẹ̀ fún ìdánwò ìṣirò.

"Ibo ni ọmọ-ọmọ mi wà nínú èyí?"

"Ẹ̀yìn ni, Màmá. Fọ́tò máa ń tóbi."

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Gbé e síwájú."

Mo gbé e síwájú.