Ìsọ̀rí Kẹta

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Nọ́ọ̀sì fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn arúgbó kí ó tó padà sí kíláàsì. Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta nígbà tí ó forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ sàíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ní yunifásítì tí ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tí òun ti ń gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́ kí ìyá wọn tó lóyún wọn, sọ ọ́ ní Màmá Kíláàsì. Bí ìdánwò bá sì le, wọn a yí i ká: "Màmá Kíláàsì, ẹ bá wa bẹ tíṣà, ẹ ní orí ń fọ́ ọmọ yín!" Òun náà a rẹ́rìn-ín, a sì wí pé ọmọ tí kò kàwé ni orí í fọ́.

Kì í ṣe oyè ló wá. Yàrá kan ló wá gbà sílẹ̀.

Yàrá náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Àga mẹ́fà ni ó gbà, fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní. Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé sókè fún Bàbá Télọ̀, bàbá arúgbó kan tí ó fi ogójì ọdún ránṣọ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Bàbá yìí kì í fọwọ́ lélẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ó ń fa òwú inú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ bí ẹni tí ń tú aṣọ tí a rán dà rú. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti ń dún, ọwọ́ rẹ̀ a sinmi. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi ń wọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà náà ni ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ilé ìtọ́jú ní àwọn nílò yàrá náà láti kó mátírẹ́ẹ̀sì sí.

"Ojú tìrẹ rí i," ni Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, wí fún un. "Ojú ìgbìmọ̀ ò rí i. Nọ́ńbà ni wọ́n mọ̀. Mo ti bá ẹ gba àyè títí wàá fi parí ìwé ẹ. Lọ kó nọ́ńbà wá."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ ṣe di ẹjọ́ yàrá náà. Èrò rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: kí ó pín àwọn arúgbó sí ìsọ̀rí méjì, kí ó kàwé fún ìkan, kí ó fi èkejì sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, kí ó wá fi ìwé ìbéèrè díwọ̀n àìbalẹ̀ ọkàn wọn. Ìsọ̀rí méjì, ìpíndọ́gba méjì: t-test ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn irú rẹ̀, ohun tí ó sì kọ sí orí kẹta ìwé rẹ̀ nìyẹn. Alábòójútó iṣẹ́ rẹ̀ buwọ́ lù ú.

Ọkùnrin alábòójútó yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pè é ní Bíírò Pupa, nítorí kò sí ojú ìwé tí ó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan ni ó pè é padà.

"Màmá, mo ń rò ó. Bí ara àwọn àgbà yìí bá balẹ̀, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìwé ló ṣe é? Ó lè jẹ́ ẹni tó jókòó tì wọ́n ni. Ẹ fi ìsọ̀rí kẹta kún un: ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má kàwé, ẹ má sọ̀rọ̀."

Ó rí i pé òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ó ṣe àtúnṣe sí orí kìíní, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yóò fi ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, ogún ènìyàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn, orí tí a bá ti buwọ́ lù, bí ọmọ tí ó sùn ni: kò sí ẹni tí ń fẹ́ jí i. Ó yí ogójì padà sí ọgọ́ta nínú orí kẹta, ó sì fi t-test sílẹ̀ níbi tí ó wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó fi ṣe é. Ìsọ̀rí kẹta ni ó nira jù. Láti jókòó ti àgbàlagbà fún ààbọ̀ wákàtí láìsọ nǹkan kan, iṣẹ́ ni. Obìnrin arúgbó kan a máa di apá aṣọ rẹ̀ mú títí àkókò yóò fi pé, a ní, "O ò ní sọ nǹkan kan lónìí náà?" Òun a mi orí. Ìyá náà dáhùn gbogbo ìbéèrè inú ìwé, ó sì kú ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀.

Ní iwájú gbọ̀ngán ẹ̀kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì ń bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín, gbólóhùn kan ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ: Ẹ̀rọ-Ò-Purọ́. Nọ́ọ̀sì kó ọgọ́ta ìwé ìbéèrè lé e lọ́wọ́. Ìpíndọ́gba àìbalẹ̀ ọkàn àwọn tí a kàwé fún jẹ́ méjìdínlógún. Ti àwọn tí a jókòó tì, ogún. Ti àwọn tí a fi sílẹ̀, mọ́kànlélógún ààbọ̀.

"T-test lẹ kọ síbí, àbí?" Ó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ìsọ̀rí sí ìsọ̀rí. Méjì nínú rẹ̀ kò mú nǹkan wá. Ẹ̀kẹta, láàárín àwọn tí a kàwé fún àti àwọn tí a fi sílẹ̀, mú mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wá: bí ìwé kò bá ṣe nǹkan kan, ìgbà mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣèèṣì yóò mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ohun tí kò bá sì tó márùn-ún ni wọ́n ń gbà. Ó pàtẹ́wọ́. "Ó bọ́ sábẹ́ márùn-ún! Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ti jẹ ẹ́!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Mátírọ́ọ̀nù ti gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, alága ìgbìmọ̀ ti ní bí olùkọ́ bá lè buwọ́ lù ú, àwọn yóò wá ibòmíràn fún mátírẹ́ẹ̀sì. Nọ́ọ̀sì wí fún Bàbá Télọ̀ pé yàrá ti di tiwọn.

"Mo ti mọ̀," ni bàbá wí. "Ẹni tó bá gé aṣọ dáadáa, kò sí bí kò ṣe ní bá a mu."

Ọjọ́ Ajé ni Bíírò Pupa ka orí kẹrin. Kò fi bíírò kàn án.

"Màmá, t-test mélòó nìyí?"

"Mẹ́ta, sà."

"Kí nìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta?"

"Ìsọ̀rí wọn ni mẹ́ta, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìsọ̀rí méjì ni t-test wà fún. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí a ń sọ yìí, ààyè tí a fún ìṣèèṣì ni, pé kó tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ààyè ìtànjẹ á gbòòrò. Ó lè ju méjìlá lọ nínú ọgọ́rùn-ún. ANOVA ló yẹ. Òun á kọ́kọ́ bi ìbéèrè kan ṣoṣo léèrè lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ṣé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsọ̀rí ju èyí tó wà láàárín ènìyàn àti ènìyàn nínú ìsọ̀rí kan náà lọ débi tá a fi lè kà á sí? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó wá wo ibi tí ìyàtọ̀ náà wà. Èmi náà jẹ̀bi. Èmi ni mo fi ìsọ̀rí kẹta kún un, mi ò sì padà wo orí kẹta."

Ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe é níṣojú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni tí ń wo dókítà tí ń ka èsì àyẹ̀wò. F, nọ́ńbà tí ANOVA fi ń dáhùn, jẹ́ méjì àti díẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún.

"Ó ju márùn-ún lọ," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Ó jù ú lọ. Kò ní kíkàwé ò ṣiṣẹ́ o, Màmá. Ó ní ẹ̀rí yín ò tó. Bí ìyàtọ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́, ẹ máa nílò bí àádóje ènìyàn kẹ́ ẹ tó lè retí pé yóò hàn."

"Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta la ní, sà."

Nọ́ọ̀sì kó ìwé rẹ̀ jọ, ó sì dìde.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ẹ̀rọ-Ò-Purọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn lẹ torí ẹ̀ fajú ro? Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn tẹ́ ẹ kàn jókòó tì kúrò. Ó ku ìsọ̀rí méjì. T-test di ẹ̀tọ́. Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró gbọin. Ìgbìmọ̀ ò mọ̀ pé wọ́n fìgbà kan wà."

"Àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Ogún ìlà ni, Àǹtí. Ẹ wò ó." Ó fi ìka fa àwọ̀ dúdú lé ogún ìlà lójú ẹ̀rọ. "Mo kàn máa tẹ ìkan yìí báyìí."

Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ àwọn ìlà náà. Kò sí orúkọ níbẹ̀, nọ́ńbà ni a fi dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n òun mọ ẹni tí ó ni ìlà kẹtàdínlógún. Ó ti di apá aṣọ òun mú. Ogún arúgbó ti fi ààbọ̀ wákàtí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fara da ìdákẹ́jẹ́ òun, nítorí kí a lè mọ̀ bóyá ìwé ni tàbí ìjókòó. Láti pa wọ́n rẹ́, kí òun sì máa pariwo pé ìwé ni, yóò jẹ́ pé òun ti bi wọ́n ní ìbéèrè, òun sì ti bo ẹnu wọn kí wọ́n tó dáhùn. Ó tún rántí yàrá náà. Oníbàárà mìíràn wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Má tẹ̀ ẹ́," ni ó wí. "Tẹ ANOVA jáde fún mi."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ o."

Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ jókòó. Alága ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn, bí àwọn tí ọwọ́ wọ́n dí ti í ṣe.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má kó wa lọ sí yunifásítì. Ṣé ó ṣiṣẹ́ ni, àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀rí ni kò tó, sà. Kò túmọ̀ sí pé—"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ó ṣiṣẹ́."

"Òṣùwọ̀n tí mo lò ni kò tọ́, sà."

"Òṣùwọ̀n tó tọ́ wá ní ńkọ́?"

"Ó ní a ò lè sọ."

Alága wo Mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù wo tábìlì. "Kò ṣiṣẹ́ nìyẹn," ni alága wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òrùlé tí ń jò. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́.

Bíírò Pupa fún iṣẹ́ náà ní máàkì tí ó ga jù lọ ní ọdún náà. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé òdodo inú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọmọ kíláàsì gbé Màmá wọn jó. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n kó mátírẹ́ẹ̀sì wọ yàrá ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọṣọ, tí wọ́n tò ó dé fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ kò fi wọlé mọ́. Kò sí ẹni tí ó rántí láti kọ́kọ́ kó àwọn ìwé jáde.

Nọ́ọ̀sì sì padà sí wọ́ọ̀dù, níbi tí bẹ́ẹ̀dì méjìlá ti ń dúró dè é ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Télọ̀, a yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, a nu ẹ̀yìn rẹ̀, a tún bùláńkẹ́ẹ̀tì tẹ́.

"Ọmọ mi, ojú ìwé wo la dé?"

"Kejìdínlọ́gọ́rin, bàbá."

"Ìgbà wo la máa parí ẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú kan tí kò ní, láìkàwé, láìsọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún ìsọ̀rí kẹta. Ọwọ́ bàbá kò sinmi. Ó ń fa òwú yọ nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí agogo bẹ́ẹ̀dì kejì fi dún tí Nọ́ọ̀sì sì dìde.