Ta Ni "Ó" Inú Orin Náà?

Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé orin jáde ní Èkó ló fi orin náà ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fẹ́ kí n kọ tírítímẹ́ǹtì fún fídíò rẹ̀, ìyẹn ìwé tó máa sọ ọ̀rọ̀ orin di ìtàn tí ojú lè rí, kí olùdarí tó gbé kámẹ́rà. Wọ́n ní orin ìfẹ́ ni, kí n wá ọmọge arẹwà kan fi sí i.

Nínú yàrá mi ní Ṣàngó nílùú Ìlọrin, mo kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ látòkè délẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ìlà kan ò jẹ́ kí n sinmi: "Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní kí n máa lọ ire." Ọmọge wo ló ń súre fún ọkùnrin báyẹn?

Mo pe akọrin náà, ọmọ Ìlọrin bíi tèmi. Mo ní, "Àbúrò, ta ni 'ó' yìí?"

Ó ní, "Àǹtí, bàbá mi ni; 'wọ́n' ni ò bá ohùn orin mu. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Malete ni wọ́n ń wà. Nígbà tí mo ń lọ sí yunifásítì níbẹ̀, tí mo bá pẹ́ ní kíláàsì, wọ́n á dúró dè mí, kódà bí èrò bá ń bínú. Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí pé ta ni mò ń kọrin nípa rẹ̀."

Ó wá yé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ní ẹsẹ kìíní, bàbá ń nu gíláàsì bọ́ọ̀sì láàárọ̀, òun nìkan. Ní ègbè, ọmọ jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì tó ṣófo, ó ń kọrin. Níbi tí ìlù ti dákẹ́ tó ku dùùrù nìkan, bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí, kò sẹ́ni tó yanu. Mo fi fọ́tò kún un, kí wọ́n lè rí irú ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ eruku tí mo ní lọ́kàn.

Nígbà tí èmi àti àwọn ará Èkó náà jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tá a ti ń rí ojú ara wa, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní, "Àgbàlagbà nínú bọ́ọ̀sì? Ta ló fẹ́ wo ìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi orin náà sí i, kí n máa ka ohun tí mo kọ tẹ̀ lé e."

Mo kà á. Nígbà tí ìlù dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká túbọ̀ rí ojú akọrin dáadáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ọmọge yẹn."

Mo fi ibi tí akọrin ti dúró ní Challenge ní Ìlọrin, láàárín ọkọ̀, kún ègbè kejì, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Bàbá akọrin náà gan-an ló ṣe bàbá nínú fídíò náà. Nígbà tá a parí, bàbá bi mí pé, "Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Wọ́n ní, "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Orí mi wú.

Títí dòní, bí wọ́n bá ń fi fídíò náà hàn níbi tí mo wà, mi ò lè panu mọ́. Ẹni yòówù tó bá jókòó tì mí, mo máa sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́.